Òpó kan láàárín èmi àti Alàájì

Rìsíìtì owó ìsọ̀ kì í sọ bí ìsọ̀ ṣe fẹ̀ tó. Nọ́ńbà ìsọ̀ ló máa ń wà lórí rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó sanwó, oṣù tó san án fún àti iye tó san. Ohun tó jẹ́ kí ìjà èmi àti Alàájì pẹ́ nìyẹn. Gbogbo ẹni tó wá bá wa dá sí i ní Ọjà Bódìjà, rìsíìtì ni wọ́n ń béèrè, rìsíìtì àwa méjèèjì sì pé, kò sí èyí tó jẹ gbèsè nínú wa. Bí wọ́n bá ti wò ó tán, wọ́n á ní kí a fi sùúrù ṣe é, wọ́n á bá tiwọn lọ.

Gbodo àti èlùbọ́ ni mo ń tà. Iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná, tí wọ́n wá sá títí tó fi le bí igi, ni à ń pè ní gbodo, òun la sì ń lọ̀ sí èlùbọ́ àmàlà. Láti Ṣakí àti Ìgbòho ni tèmi ti ń wá. Ẹ̀wà ni Alàájì ń tà ní ẹ̀gbẹ́ mi, ẹ̀wà olóyin àti ẹ̀wà funfun, àpò lé àpò, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń kó wá fún un láti òkè Ọya. Ó jù mí lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Àwa méjèèjì ti wà nínú ọ̀wọ́ ìsọ̀ yẹn fún ọdún púpọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó di ariwo, a kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́, a kì í ṣe ọ̀tá. “Ẹ káàárọ̀ sà,” “Bàbá Ìbejì, ọjà á tà o,” ó parí síbẹ̀.

Òpó igi ló dá ìjà sílẹ̀. Òpó tó wà láàárín ìsọ̀ èmi àti tirẹ̀ ti jẹrà nídìí, ikán ti mú un, a sì dá owó jọ pé kí káfíńtà pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà kò hú ti àtijọ́. Ó gé e mọ́lẹ̀, kùkùté rẹ̀ kù nínú sìmẹ́ńtì, ó wá ri òpó tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀. Sí ọ̀dọ̀ tèmi ni òpó tuntun náà bọ́ sí, bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Lójú ẹni tí kì í ṣe ọlọ́jà, kí ni ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀? Àmọ́ ẹni tó bá ti to àpò rí mọ̀ pé ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún ọ̀wọ́ àpò kan láti ilẹ̀ dé òkè, pàápàá lọ́sẹ̀ tí ẹrù bá wọlé tí kò sí ibi tí a ó kó o sí. Alàájì ka òpó tuntun sí ààlà, ó to ẹ̀wà dé ibẹ̀. Èmi ka kùkùté sí ààlà, mo ní kó kó o kúrò.

Ọ̀rọ̀ kòkòrò wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù kan tí ooru mú, kòkòrò bo àpò ẹ̀wà olóyin mélòó kan fún un, ó sì pariwo sí gbogbo ọ̀wọ́ wa pé inú gbodo mi ni wọ́n ti ń rìn wá. Ẹni tó bá ń ta gbodo kò lè gba irú ọ̀rọ̀ yẹn láìdáhùn. Kòkòrò gbodo ń lu iṣu ní ihò wẹ́wẹ́ ni, ìyẹ̀fun a sì máa dà sílẹ̀ lábẹ́ àpò, tó jẹ́ pé bí o bá gbé àpò gbodo kan mì, eruku á yọ. Kòkòrò ẹ̀wà kò rí bẹ́ẹ̀. Ara èèpo ẹ̀wà níta ló ń yé ẹyin sí, àmì funfun tíntìntín tí èékánná lè ha kúrò. Ọmọ rẹ̀ á wọ inú ẹ̀wà lọ, á jẹun níbẹ̀, á sì fi ihò róbótó kan jáde nígbà tó bá dàgbà. Ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó ti ní àmì funfun yẹn láìtíì ní ihò, láti oko tàbí láti ilé ìkẹ́rùpamọ́ ló ti gbé e wá. Kòkòrò ẹ̀wà kì í jẹ gbodo, ti gbodo kì í sì í yé ẹyin sí ara ẹ̀wà. Mo sọ èyí fún Alàájì, ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn bá ń bínú sí ọ, ta ló fẹ́ gba ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ? Ó ní òun ti ń ta ẹ̀wà kí n tó mọ ọ̀nà ọjà.

Àwọn aláṣẹ ọjà wá. Wọ́n wo rìsíìtì. Ìyálọ́jà rán ènìyàn wá, ẹni náà bẹ̀ wá, ó rán wa létí pé ẹnu kan là ń jẹ nínú ọjà. Àwọn tí a fi ṣe ẹlẹ́rìí sì pín sí méjì. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní apá ọ̀dọ̀ mi jẹ́rìí sí kùkùté, ẹni tó wà ní apá ọ̀dọ̀ Alàájì jẹ́rìí sí òpó tuntun. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn, mo ti wá mọ̀ báyìí, nítorí ohun tí oníkálukú rí láti ibi tó dúró sí ló sọ. Nígbà tó yá, a kì í kí ara wa mọ́. Àwọn oníbàárà tó máa ń ra ẹ̀wà kóńgò mélòó kan lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó yà sọ́dọ̀ mi fún èlùbọ́ wá ń yọ́ wọlé bí ẹni tó jalè.

Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yí padà, Alàájì ti pinnu. Ó ti pe káfíńtà pé kó wá kan pákó mọ́ ara òpó tuntun láti ilẹ̀ dé àjà, kí ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀sán ni, oòrùn mú, ọjà ti dá. Mo ń ta ayò pẹ̀lú ọmọkùnrin alábàárù kan tó gbó ayò ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ọpọ́n náà wà lórí àga gígùn níwájú ìsọ̀ mi, àwọn òǹwòran sì pé jọ bí wọ́n ṣe máa ń pé.

Ẹni tí kò bá mọ ayò ọlọ́pọ́n, kó gbọ́ díẹ̀. Ilé 12 ló wà nínú ọpọ́n, mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin sì ni à ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, àpapọ̀ ọmọ 48. Ẹni tí ó kàn á kó gbogbo ọmọ inú ilé rẹ̀ kan, á máa fi wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí apá ọ̀tún, títí wọ́n á fi yí dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tí ó sọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n. Bí ilé tó ṣáájú ìyẹn, ní ọ̀dọ̀ ẹnìkejì kan náà, bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú, ó jẹ ìyẹn náà, á sì máa padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan ilé tí kò bá òfin mu. Ẹni tó bá jẹ ju 24 lọ ló borí. Nígbà tí ènìyàn bá dìídì kó ọmọ púpọ̀ pamọ́ sí ilé kan, tí ó ń dúró de àsìkò, odù nìyẹn. Odù tó bá tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á yí ọpọ́n ká, á fo ilé tó ti jáde, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, fi ń ka odù bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń wọ inú rẹ̀. Òpè ló ń dúró kó kún kó tó máa fi ìka tú u kà.

Bí ayò ṣe wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà rèé. Mo ti jẹ 14, ọmọkùnrin náà ti jẹ 11. Ní ọ̀dọ̀ mi, bí a bá kà á láti ọwọ́ òsì mi, odù mi wà ní ilé kejì, ọmọ 17 ló wà nínú rẹ̀. Ilé kẹta ní ọmọ kan ṣoṣo. Ilé mi yòókù ṣófo. Ní ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí òun náà bá kà á láti ọwọ́ òsì tirẹ̀, ilé kẹfà nìkan ló ní nǹkan, ọmọ márùn-ún. Èmi ló kàn.

Àwọn òǹwòran ti rí i pé odù mi yóò yí ká, ọmọ kẹtàdínlógún yóò sì bọ́ sí ilé kejì ọmọkùnrin náà. Ilé kìíní àti ìkejì rẹ̀ yóò di méjì-méjì, èmi yóò jẹ mẹ́rin. Wọ́n ń pariwo, “Jẹ ẹ́! Bàbá Ìbejì, jẹ ẹ́!” Mo di ọwọ́ mi mú. Alàájì ti dé, káfíńtà dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ayùn àti pákó. Mo ti rí òjìji rẹ̀ lórí ọpọ́n, mi ò gbé ojú sókè. Mo gbọ́ tí ó ń mí. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀:

“Ilé kẹta ni.”

Ohun tí mo fẹ́ ta gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ó fi jẹ́ ilé kẹta. Bí mo bá fi odù jẹ mẹ́rin, odù náà yóò ti fi ọmọ kan kún ilé kẹfà rẹ̀ bó ṣe ń kọjá, yóò di mẹ́fà. Yóò sì ti fi méjì-méjì sínú ilé mi kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà tó ṣófo tẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin náà á kàn gbé mẹ́fà rẹ̀, á fi wọ́n sínú ilé mi láti ìkíní dé ìkẹfà, mẹ́ta-mẹ́ta á sì pé nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ó jẹ mẹ́sàn-án. Mo jẹ mẹ́rin, mo pàdánù mẹ́sàn-án, ìyẹn sì ni àwọn òǹwòran ń pàtẹ́wọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọmọ kan ṣoṣo láti ilé kẹta sí ìkẹrin, kò sí ohun tí ọmọkùnrin náà lè ta ju márùn-ún rẹ̀ lọ, torí kò ní òmíràn. Ọ̀kan nínú wọn yóò bọ́ sínú odù mi, odù di 18. Èyí tó kẹ́yìn á bọ́ sí ilé mi karùn-ún tó ṣófo, kò lè jẹ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni n ó wá tú odù sílẹ̀, á parí sí ilé kẹta rẹ̀, ilé mẹ́ta á di méjì-méjì, mo jẹ mẹ́fà. Lóòótọ́, òun náà ṣì máa rí mẹ́ta jẹ nínú ilé mi kìíní lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́ta kì í ṣe mẹ́sàn-án.

Nínú gbogbo ẹni tó yí ọpọ́n ká, ènìyàn kan ṣoṣo ló ka odù mi láìfọwọ́ kàn án, tí ó sì rí ohun tí mo rí. Ẹni tí mi ò kí láti ọjọ́ pípẹ́ wá sì ni. Mo gbé ilé kẹta. Ọmọkùnrin náà wo Alàájì pẹ̀lú ìbínú, ó ní, “Alàájì, ẹ ò bá má sọ fún un!” Alàájì ní, “Ta ló sọ fún un? Ọwọ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀.” Òótọ́ ló sọ. Ó sì dùn mọ́ mi nínú pé ó rí ọwọ́ mi.

Mo borí nínú ayò yẹn. Ọmọkùnrin náà dìde, Alàájì jókòó sípò rẹ̀ láìsí ẹni tó pè é. Káfíńtà béèrè pé ṣé kí òun bẹ̀rẹ̀ sí í kan pákó, Alàájì fi ọwọ́ júwe fún un pé kó dúró ná. Káfíńtà gbé pákó lé ilẹ̀, ó jókòó lé e lórí, òun náà ń wòran.

Ìdí ayò ni ibì kan tí ọmọdé ti lè bú àgbà láìsí ẹ̀sùn, gbogbo ẹni tó ti ta á rí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní òpè. Ó ní ẹni tí èlùbọ́ ti bo lójú kò lè rí ọpọ́n. Mo ní, “Alàájì, ẹ̀wà yín ń jóná lórí iná o, ẹ má tíì sọ̀rọ̀.” A ta títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó gbó ju mi lọ, mi ò ní parọ́. Ó ní ìwà kan tí mo tètè rí, pé kì í fi ọmọ kan tàbí méjì sílẹ̀ lásán nínú ilé rẹ̀ kìíní àti ìkejì níbi tí ọwọ́ mi ti tètè ń dé. Ẹni tó kọ́ ọ ní ayò kọ́ ọ dáadáa. Ó ní níwájú ilé bàbá òun ni òun ti kọ́ ọ, lórí ihò tí wọ́n gbẹ́ sílẹ̀, kó tó di pé òun ní ọpọ́n. Èmi sọ fún un pé bàbá ìyá mi ló kọ́ mi, tó máa ń lù mí lọ́wọ́ bí mo bá fi ìka ka odù.

Ìgbà tí à ń kó ọmọ ayò sínú àpò ló béèrè ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ ìjà. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, láti ibo lẹ ti ń ka tiyín?”

Mo ní láti kùkùté ni. Ó ní, rárá, kí kùkùté tó wà ńkọ́, láti ibo ni wọ́n ti ka ìsọ̀ dé ibi òpó àtijọ́? Mi ò mọ̀. Òun náà kò mọ̀. Àwa méjèèjì tó lè ka ọmọ 17 nínú odù lójú lásán, a ti ń jà lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kà láti ìdí rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí oníbàárà tó pọ̀, a mú okùn, a so kókó sí i ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá-mẹ́wàá, a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ọ̀wọ́ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìsọ̀ mẹ́fà ló wà ní ọ̀wọ́ náà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n pín in, àwọn àgbà ọ̀wọ́ náà rántí èyí dáadáa. Ó yẹ kí ó jẹ́ 60. A kò rí 60. Okùn wa dé gọ́tà nígbà tí ó ṣì ku ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀. Ọ̀rọ̀ ti yé wa kí a tó dìde nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ gọ́tà yẹn fẹ̀ sí i, ó jẹ nínú ilẹ̀ ẹni tó wà ní ìparí. Ẹni yẹn rọra sún tábìlì rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ sún tirẹ̀, ó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Alàájì, láìsí ẹni tó mọ̀ pé òun gba nǹkan ẹlòmíràn. Ní apá tèmi, láti ibi ògiri wá, kò sí ẹni tó sún. Ibi tí àwọn tó sún àti àwọn tí kò sún ti pàdé ni òpó wa. Káfíńtà tó ri òpó tuntun kàn jẹ́ kí ó hàn ni.

Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́rìí apá ọ̀tún fi jẹ́rìí òtítọ́, tí ti apá òsì náà sì jẹ́rìí òtítọ́.

Bí a bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ wa, a ó ní kí ìsọ̀ mẹ́fà sún padà, kí oníkálukú pàdánù ínǹsì mẹ́ta. Alàájì rò ó, ó ní ìjà ènìyàn méjì ti fẹ́ di ìjà ènìyàn mẹ́fà. Ohun tí a ṣe ni pé a fi ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ yẹn sílẹ̀ lófìfo láàárín wa, láti kùkùté dé òpó tuntun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe to nǹkan síbẹ̀. Ó sì jẹ́ pé ohun tí ẹrù wa ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Gbodo tí a bá tì mọ́ ẹrù mìíràn kì í rí atẹ́gùn, lásìkò òjò á máa fa omi sí ara rẹ̀, á hu funfun ní abẹ́ àpò. Ẹ̀wà náà, bí àpò rẹ̀ bá fún pọ̀ tí ó gbóná, kòkòrò rẹ̀ á tètè pọ̀. A fi pákó tí káfíńtà gbé wá láti fi dí ààlà ṣe ìtẹ́lẹ̀ sábẹ́ àpò àwa méjèèjì, kí ẹrù má kan ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kòkòrò, Alàájì fúnra rẹ̀ ló dá a padà. Ó mú ẹ̀wà ìkúnwọ́ kan wá láti inú ẹrù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já, ó da á sórí ọpọ́n, ó ní kí n fi àmì funfun yẹn han òun. A rí mẹ́ta nínú wọn tó ní in. Ó pe ẹni tó tà á fún un lórí fóònù níbẹ̀ níbẹ̀, mi ò lè kọ ohun tó sọ fún un.

Àwọn oníbàárà wa ti ń wọlé sí ìsọ̀ méjèèjì láìbẹ̀rù. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìjà ti tán. Òfin ayò la ń bá ara wa fà báyìí. Bí ẹnì kan bá ta ayò tí yóò jẹ gbogbo ọmọ tó kù ní ọ̀dọ̀ ẹnìkejì pátápátá, kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀? Lọ́dọ̀ bàbá ìyá mi, o lè ta á, ṣùgbọ́n o kò ní jẹ nǹkan kan, ọmọ náà á wà níbẹ̀ kí ẹnìkejì lè rí nǹkan ta. Níwájú ilé bàbá Alàájì, o lè jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ fi ilé kan sílẹ̀ fún un. Ó dójú ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ayò ku díẹ̀, ọmọ márùn-ún wà nínú rẹ̀, èmi ni n ó jẹ. A pe bàbá kan tó ń ta okùn ní ọ̀wọ́ kejì pé kó dá a fún wa. Ó wo ọpọ́n, ó ní àwa méjèèjì ò mọ nǹkan kan, pé níbi tí òun ti wá, irú ayò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ta rárá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a ní kó máa lọ. Ní báyìí, kí a tó da ọmọ sínú ọpọ́n, a máa ń kọ́kọ́ bi ara wa pé òfin ilé ta ni a ń lò lónìí.